Àtúnṣe ìṣirò búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ǹtì àti yanrìn: yàrá méjì ti Moniya

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó.

Mo ti yẹ ìwé tí bíríkìlà kọ fún yín wò. Ó ní búlọ́ọ̀kù 864, sìmẹ́ǹtì àpò 38, yanrìn tipa mẹ́ta. Ẹ má pè é ní olè o. Yàrá ló ń ṣírò lọ́kọ̀ọ̀kan: mítà 3.6 lọ́nà mẹ́rin, ìlọ́po méjì, gíga mítà 3, búlọ́ọ̀kù 10 fún sikuẹ mítà kan. Ó gbàgbé pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá méjèèjì, ó sì kọ́ búlọ́ọ̀kù dí ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé pa.

Mo mú téèpù lọ síbẹ̀ ní Sátidé. Inú yàrá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3.6 × 3.6 lóòótọ́. Búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án la ó lò, nítorí náà ògiri nípọn ní mítà 0.225. Ògiri gígùn méjì, 7.875 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ògiri ìdábùú mẹ́ta, 3.6 ọ̀kọ̀ọ̀kan:

```
15.75 + 10.80 = 26.55
26.55 × 3 = 79.65
ilẹ̀kùn: 2 × 0.9 × 2.1 = 3.78
fèrèsé: 4 × 1.2 × 1.2 = 5.76
79.65 − 9.54 = 70.11
```

Búlọ́ọ̀kù 10 tí gbogbo wa ń lò yẹn ti ní èyí tó máa fọ́ nínú, torí pé tí a bá ka àlàfo sìmẹ́ǹtì, mẹ́jọ lé díẹ̀ ló ń wọ sikuẹ mítà kan. Ẹ ra 702. Ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà fi kún un.

Àpò sìmẹ́ǹtì kan ń to bí 50 búlọ́ọ̀kù, tí a bá po ọ̀kan mọ́ yanrìn mẹ́fà: àpò 14 nìyẹn. Ti ògiri rírẹ́ ló gba sùúrù. Inú àti ìta lápapọ̀, lẹ́yìn tí a yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé lójú méjèèjì, ó jẹ́ sikuẹ mítà 138.87. Kí nípọn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 15, kí ọ̀kan sìmẹ́ǹtì bá yanrìn mẹ́rin lọ:

```
138.87 × 0.015 × 1.3 = 2.71
2.71 ÷ 5 ÷ 0.035 = 15.5
```

1.3 yẹn wà nítorí pé sìmẹ́ǹtì àti yanrìn gbígbẹ máa ń sún kì nígbà tí a bá fi omi pò wọ́n. 5 ni ọ̀kan sìmẹ́ǹtì pẹ̀lú yanrìn mẹ́rin, 0.035 sì ni kúbíkì mítà àpò sìmẹ́ǹtì kan. Etí fèrèsé náà ń jẹ sìmẹ́ǹtì, mo bá sọ ọ́ di àpò 17. Pẹ̀lú 14 ti títò, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ àpò 31.

Yanrìn: 14 × 6 × 0.035, pẹ̀lú 17 × 4 × 0.035, jẹ́ kúbíkì mítà 5.32, bí i tọ́ọ̀nù mẹ́jọ ààbọ̀. Tipa tọ́ọ̀nù márùn-ún, ìrìn méjì. Ìpìlẹ̀ àti ilẹ̀ yàrá kò sí nínú èyí. Ti wọn ti wà ní ìwé ọ̀tọ̀.

Ẹ ra àpò 14 ti títò ní báyìí. Tí ẹ bá kó 17 yòókù sí ṣọ́ọ̀bù tó ń jò yẹn, àgbá òkúta lẹ máa bá níbẹ̀.