Ọ̀rọ̀ Ìṣíde Níbi Ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀wọ́ Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ìtagbangba ti Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Nípa Ẹ̀sìn, ní Ìlú Oǹdó

Alága ìjókòó wa lónìí, aṣojú Kábíyèsí Ọ̀ṣemàwé ti ilẹ̀ Oǹdó, ẹ̀yin olóyè wa, ẹ̀yin bàbá àti ìyá ìjọ, ẹ̀yin Ìmáàmù àti Àlùfáà wa, ẹ̀yin babaláwo àti olórìṣà, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín kú ìrọ̀lẹ́, ẹ sì kú ìkàlẹ̀. Mo fi ẹnu gbogbo olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ẹ̀ka wa kí yín káàbọ̀. Ọjọ́ ọjà ni òní, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló tètè palẹ̀ mọ́ kí ẹ lè bá wa jókòó. A mọ rírì rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, bàbá kan mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá sí ọ́fíìsì mi. Wọ́n ti gba ọmọ náà sí ẹ̀ka wa, ṣùgbọ́n ọkàn bàbá kò balẹ̀. Ó bi mí bóyá pásítọ̀ ni a óò sọ ọmọ òun dà. Mo ní rárá o, iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ nìyẹn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó bi mí bóyá a kò ní kó o wọ inú ìbọ. Mo tún ní rárá. Ó wá wojú mi tààrà, ó ní, “Kí ni yóò wá dà, Dókítà?” Mo sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ yóò di ẹni tí ó lè jókòó ti onígbàgbọ́, Mùsùlùmí tàbí oníṣẹ̀ṣe, kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn láti ẹnu wọn, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò tinútòde láìbú ẹnikẹ́ni, láìsì tan ara rẹ̀ jẹ. Bàbá náà dúpẹ́, ó sì fi ọmọ sílẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Bí a bá ti ń kọ́ni láti ọdún dé ọdún tí ará ìlú kò sì mọ ohun tí a ń kọ́, ẹ̀bi wa ni, kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ohun tó bí ọ̀wọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí nìyẹn, òun náà ló sì fà á tí a fi kó o kúrò nínú ọgbà yunifásítì wá sí gbọ̀ngàn àárín ìlú, tí a sì ní èdè Yorùbá ni a óò fi ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí èdè náà bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹnu wa gan-an ni ẹ̀rí tó súnmọ́ wa jù lọ. Bí a ti jókòó yìí, kò sí onígbàgbọ́ kan tí kò gba àdúrà láàárọ̀ òní. Inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà, àdúrà, ti wá; ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwàásù. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, iṣẹ́ tí odindi rẹ̀ parí ní 1884, ẹ̀sìn Ìmàle ti wà nílẹ̀ Yorùbá tipẹ́, àwọn ènìyàn sì ti mọ ẹni tí à ń pè ní àlùfáà. Crowther mú ọ̀rọ̀ tí etí ti mọ̀, ó sì fi í pe àlùfáà inú Májẹ̀mú Láéláé. Ẹ wo wòlíì pẹ̀lú. Nínú èdè Lárúbáwá, ọ̀rẹ́ Ọlọ́run, ẹni mímọ́, ni ọ̀rọ̀ yẹn ń tọ́ka sí. Ọ̀tọ̀ ni orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tí Ọlọ́run rán níṣẹ́, èyí tí àwọn Mùsùlùmí wa ń pè ní ànábì. Nítorí náà, nígbà tí ìjọ Kristi bá ń pe Aísáyà ní wòlíì, ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí ló wà lẹ́nu rẹ̀, ìtumọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí kò fún un ló sì fún un. Mi ò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé àwọn baba wa ti ń yá ara wọn ní ọ̀rọ̀ tipẹ́, àní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀.

Ìtumọ̀ yìí náà ní ibi tí ó ti pa wá lára, kò sì yẹ kí n fi í pamọ́. Orúkọ Èṣù ni wọ́n fi pe ọ̀tá Ọlọ́run inú Bíbélì. Ẹ bi babaláwo tó mọ iṣẹ́ rẹ̀: Èṣù tí òun mọ̀ ni olùgbé ẹbọ, òun ni onílé oríta, ẹni tí ń rí i pé ẹbọ dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Kì í ṣe ọ̀tá Olódùmarè rárá. Orúkọ kan ṣoṣo ni a fi so ẹni méjì pọ̀, odindi ilé tí a ti ń pe ọmọ ní Èṣùbíyìí sì bẹ̀rẹ̀ sí í tijú orúkọ bàbá wọn. Lójú tèmi, kò sí àpẹẹrẹ tó fi hàn jù èyí lọ pé ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn kì í ṣe ohun ìnàjú fún àwọn ọ̀mọ̀wé.

Àwọn àgbà ní, “Ayé la bá Ifá, ayé la bá Ìmàle, ọ̀sán gangan ni ìgbàgbọ́ wọlé dé.” Nílùú Oǹdó yìí, a mọ ọdún tí ọ̀sán gangan yẹn bọ́ sí. Ní 1877 ni Charles Phillips, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, wá fìdí kalẹ̀ síbí láti ṣiṣẹ́ fún ìjọ C.M.S. Ìlú tí ó bá kì í ṣe ìlú tí kò ní ẹ̀sìn. Ó bá Ọ̀ràmfẹ̀, ó bá Ògún, ó bá ìlú tí ọba rẹ̀ kò lè jọba láìsí ètùtù. Bí àwọn ará Oǹdó ìgbà náà ṣe gba tuntun, tí wọn kò sì jẹ́ kí ti àtijọ́ lọ tán, ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òní yóò dá lé.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, mo mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì lọ sí ilé arọ kan nínú ìlú yìí. Díákónì ni alágbẹ̀dẹ náà nínú ìjọ rẹ̀. Kàlẹ́ńdà ìjọ wà lára ògiri, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú. Bí a ti ń wọlé, akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ gba orí òkúta tí wọ́n ń rọ irin lé kọjá. Baba náà kò pariwo. Ó kan na ẹmú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ síwájú ọmọ náà, ó ní, “A kì í dá ibẹ̀ kọjá, gba ẹ̀gbẹ́.” Ẹni tí ń fín ewìrì dá ọwọ́ dúró títí ọmọ náà fi yí gba ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn náà ni iná tún ràn. A bi baba náà bóyá Ògún ni ó ń bẹ̀rù. Ó ronú fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó dáhùn pé, “Jésù ni mo ń sìn. Ṣùgbọ́n bàbá mi ló fi iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́, mi ò lè yájú sí i.” Ọmọ kan yára kọ ọ́ sílẹ̀ pé baba náà ń sin olúwa méjì. Mo ní kí ó pa á rẹ́, kí ó kọ ohun tí baba sọ gẹ́lẹ́. Ìdájọ́ kì í ṣáájú ẹ̀rí. Àwọn kóòtù wa pàápàá mọ èyí: onígbàgbọ́ a fi Bíbélì búra, Mùsùlùmí a fi Kùránì búra, oníṣẹ̀ṣe a fi irin búra, adájọ́ a sì gbọ́ ẹ̀rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohun tí ó wà nípìínlẹ̀ wa yìí láti kọ́ pọ̀ ju ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà lè gbà lọ. Ní oṣù tó ń bọ̀, a óò gbọ́ nípa Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí ń wa ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà fún ìjọba ní ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà ní 1928 nígbà tí ẹ̀rọ náà kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, tí ó sì gbọ́ ohùn tí ó ní kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ti Ayétòrò ní etíkun Ìlàjẹ, tí àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù tẹ̀ dó ní 1947, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sínú àpò kan ṣoṣo, tí òkun sì ń gba ilé mọ́ wọn lọ́wọ́ báyìí. Mo fẹ́ kí a gbọ́ ti Ayétòrò dáadáa kí ó tó di pé omi nìkan ló mọ ibi tí ó wà. A óò sì dé Ọ̀wọ̀, níbi ọdún Ìgógó, tí wọn kì í lu ìlù, tí agogo nìkan ń dún, tí Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ń di irun bí obìnrin ní ìrántí Olorì Ọ̀rọ̀nṣẹn.

N kò lè dárúkọ Ọ̀wọ̀ kí n má rántí ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, nígbà tí àwọn apànìyàn wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, tí wọ́n pa àwọn tó wá jọ́sìn. Láàárín wa níbí ni àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kan wà. Kí Ọlọ́run tù yín nínú. Ẹ̀kọ́ nìkan kò lè dá ìbọn dúró, èmi kò sì ní sọ pé ó lè ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa ẹ̀sìn ìṣẹ̀ṣe. Bí a bá ṣí ìpàdé ìjọba, àdúrà méjì ni à ń gbà. Ẹ̀kẹta ló sábà máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nínú ẹ̀kọ́ náà, ó pẹ́ kí á tó gbọ́ ọ láti ẹnu àwọn tó ni ín. Bọ́lájí Ìdòwú, òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gbé ìwé jáde lórí Olódùmarè ní 1962, ó sì fi hàn pé baba wa mọ Ẹlẹ́dàá kí òyìnbó tó dé. Wándé Abímbọ́lá lọ jókòó ti àwọn babaláwo, ó kọ ẹsẹ Ifá sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ké e, ó sì di gíwá yunifásítì Ifẹ̀ ní 1982. Ní 2005, àjọ Yunẹ́sikò fi Ifá sí ara àwọn ohun àjogúnbá aráyé. Nítorí náà ni a ṣe pe babaláwo kan láti sọ̀rọ̀ ní oṣù kẹrin, tí yóò dúró sórí pèpéle yìí bí olùkọ́, kì í ṣe bí ẹni tí a wá wò.

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni a óò máa pàdé. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò pín tákàdá fún yín. Ẹ kọ ìbéèrè yín sórí rẹ̀, ẹni tí kò bá lè kọ, kí ó sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò bá a kọ ọ́. A kò ní ṣa ìbéèrè lẹ́ṣà. Ohun kan ṣoṣo ni a bẹ̀ yín fún: ẹ má ṣe wàásù fún ara yín nínú gbọ̀ngàn yìí. Láàárín aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú sí aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú, a óò sinmi kí àwọn Mùsùlùmí tí kò tíì kírun Alásárì lè kí i. Yàrá kan wà lẹ́yìn, omi àlùwàlá sì wà níbẹ̀.

Ẹni tí yóò bá wa sọ̀rọ̀ lónìí ti lo ọdún mẹ́tàdínlógún lórí ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ìjọ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Oǹdó, ọmọ ìlú yìí sì ni. Ìyá àgbà rẹ̀ wà ní ìjókòó iwájú níbí, wọ́n ti pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Mama, ẹ kú ewu ọmọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bọ̀ lórí pèpéle.