Ìjábọ̀ Ìwọlé àti Ìjáde Ọjà, Oṣù Kẹwàá Ọdún 2024

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Èyí ni bí ọjà ṣe wọlé tó sì jáde ní ṣọ́ọ̀bù wa ní ẹ̀bá Àkàbà Ìdènà, ní Kétu níbí, láti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá. Inú ìwé títà àti ìwé rírà ojoojúmọ́ ni mo ti ṣà á jọ: mo mú iye tí a kà ní òpin oṣù kẹsàn-án, mo ro ohun tí a rà mọ́ ọn, mo sì yọ ohun tí a tà àti ohun tó bàjẹ́ kúrò. Ní alẹ́ ọjọ́ 31, nígbà tí a ti ilẹ̀kùn tán, èmi àti àbúrò mi jọ ka ohun tó wà nílẹ̀.

| Ọjà | Ìbẹ̀rẹ̀ | Rírà | Títà | Bíbàjẹ́ | Ìwé ní | A kà |
|---|---|---|---|---|---|---|
| Ìrẹsì (agolo) | 420 | 600 | 825 | 0 | 195 | 189 |
| Ọṣẹ (ẹyọ) | 144 | 240 | 331 | 0 | 53 | 77 |
| Tòmátì (agolo) | 60 | 100 | 112 | 4 | 44 | 44 |
| Òróró (kẹ́ẹ̀gì) | 5 | 6 | 8 | 0 | 3 | 3 |

Ọjọ́ tí ọjà àwìn kúrò lórí àtẹ ni mo kọ ọ́ sí títà, kì í ṣe ọjọ́ tí oníbàárà sanwó.

Àpò ìrẹsì kan jẹ́ 30 agolo, gẹ́gẹ́ bí a ṣe wọ̀n ọ́n wò. A ta àpò 25 lódidi, a sì wọn 75 agolo tà. Agolo 6 tó dín kò jọ olè lójú mi, èènì ni. Bí àbúrò mi bá ti wọn ìrẹsì tán, ẹ̀kúnwọ́ kan a tún tẹ̀ lé e, kò sì sí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. N kò ní kí a má fún oníbàárà ní èènì, ṣùgbọ́n láti oṣù yìí lọ, inú ike kan ṣoṣo tí a ti wọ̀n sílẹ̀ láàárọ̀ ni a ó ti máa bù ú, kí a lè kọ ọ́ sí ìwé lálẹ́.

Ti ọṣẹ ló dà mí láàmú jù, nítorí pé ọjà tó lé lórí ìwé kò dára ju èyí tó dín lọ. Ẹyọ 24 tó lé yìí jẹ́ páálí kan gẹ́lẹ́. Nígbà tí mo tú ìwé wò, mo rí i pé páálí tí wọ́n gbé wá láwìn ní ọjọ́ 22 kò sí nínú ìwé rírà, ìwé owó rẹ̀ sì wà lábẹ́ òṣùwọ̀n. Mo ti tún un kọ: rírà di 264, ìwé àti kíkà sì bára mu ní 77. Gbèsè páálí náà ṣì wà lọ́rùn wa.

Àpò 8 tí a rà kẹ́yìn, ní 14,100 sẹ́fà lọ́kọ̀ọ̀kan, ni ìrẹsì tó kù ti wá, nítorí náà 88,830 sẹ́fà ni iye owó rẹ̀.