Ìwé sí Bàbá onílé: nípa kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà àti ọ̀dà ara ògiri

Kàbà,
14 Oṣù Kẹwàá.

Bàbá mi,

Òkun o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá mi ní kí n kí yín, Tọ́lá náà sì ní kí n sọ fún Bàbá àgbà pé òun ti wọ kíláàsì kẹta. Ṣé orúnkún ti fúyẹ́ díẹ̀? Láti ìgbà tí ẹ ti lọ bá àwọn ọmọ ní Lọ́kọ́ja, kò sí ọjọ́ tí àwọn aládùúgbò kì í béèrè yín lọ́wọ́ mi. Mo máa ń sọ fún wọn pé ara ń mókun. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Mo ti kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí tọ Bùrọ̀dá tí ẹ fi ilé sí lọ́wọ́ lọ. Wọ́n ní àwọn kò lè fún mi láṣẹ lórí ohun tó bá kan ara ilé, pé kí n kọ̀wé sí ẹ̀yin fúnra yín. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù nítorí pé etí fóònù kì í gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, àti pé mo fẹ́ kí ẹ ní ibi tí ẹ ó ti tún un wò kí ẹ tó dá mi lóhùn. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ gba àyè rẹ̀ lọ́wọ́ yín: kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn iwájú, ògiri yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwẹ̀, àti nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé méjì. Mi ò tíì fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn.

Ti kọ́kọ́rọ́ ló jẹ mí lógún jù. Ní ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù tó kọjá, mo lọ ra iṣu ní ọjà. Ìyá mi wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, Tọ́lá nìkan ló wà ní pálọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ ilé rẹ̀. Ó ní òun kàn gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí lẹ́nu ọ̀nà, ó rò pé èmi ni mo dé, ó dìde láti gba ẹrù. Ọkùnrin kan tí kò rí rí ló wọlé. Ẹni tó gbé ibẹ̀ ṣáájú wa ni. Ó wá mú wáyà tẹlifíṣọ̀n tó fi sílẹ̀ lókè àjà, kọ́kọ́rọ́ tó ti ń lò látijọ́ ló sì fi ṣí i. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún yín, Bàbá: kò ṣe ohun burúkú kankan. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá mi, ó mú wáyà rẹ̀, ó lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé tí mo gbọ́, ẹsẹ̀ mi kò gbà mí mọ́, mo jókòó sórí iṣu tí mo rà.

Láti ọjọ́ náà, Ìyá mi kì í sùn kí wọ́n má gbé odó ti ilẹ̀kùn. Ẹ mọ odó wọn yẹn, ọkùnrin kan kò lè dá gbé e. Wọ́n á máa wọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ láti ilé ìdáná títí dé pálọ̀, èmi á sì máa gbọ́ ìró rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, gbrrr, gbrrr, ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ó ti fa ìlà funfun kan sórí ilẹ̀ yín tó mọ́ra yẹn. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn kò gbà. Ẹ̀rù tó sì ń ba èmi ni pé bí iná bá ṣẹ́ yọ lóru, tí ẹ̀fín bo ilé, ta ni yóò wọ́ odó kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí ọmọ ó tó jáde? Ẹ̀rù olè la fi gbé e síbẹ̀, odó náà ló wá di ẹ̀rù fún mi.

Káfíńtà tó ṣe ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wa ti bá mi wò ó. Ó ní kò sí ìdí láti gbẹ́ ilẹ̀kùn kún. Òun á yọ lọ́ọ̀kì tó wà níbẹ̀, òun á sì fi tuntun tó bá ojú ihò kan náà mu rọ́pò rẹ̀, kí igi náà má bàa fọ́. Igi gidi ni ilẹ̀kùn yẹn, kò sí irú rẹ̀ lọ́jà mọ́, mo sì ti sọ fún un pé bí ó bá rí i pé ìwọ̀n kò bára mu, kó dáwọ́ dúró kó pè mí. Lọ́ọ̀kì tuntun jẹ́ ₦9,500, owó ọwọ́ rẹ̀ ₦3,000. Èmi ni màá san méjèèjì. Lọ́ọ̀kì àtijọ́, màá dì í sínú ọ̀rá pẹ̀lú ìdè rẹ̀ gbogbo, màá fi í sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọjọ́ tí mo bá ń kó jáde, bí ẹ bá ní kí n dá a padà sí ipò rẹ̀, màá dá a padà. Bí ẹ bá ní kí tuntun ó dúró, kó dúró.

Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló máa ń bá a wá. Ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún Ìyá mi. Ẹ̀kẹta, màá fi í sínú àpò ìwé, màá lẹ̀ ẹ́ pa, màá sì fi lé Bùrọ̀dá lọ́wọ́ fún yín. Ilé yín ni. Mi ò fẹ́ kó di pé onílé kò lè wọ ilé rẹ̀ bí omi bá ń jò tàbí bí ewu bá dé tí a kò sí nílé. Ohun tí mo kàn ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé bí kò bá jẹ́ ti ewu, kí a pè mí ṣáájú. Mo tún fẹ́ fi ìkúndù kékeré kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, láti inú, ìṣó oníyíyí mẹ́rin péré ni yóò gbà á.

Ti ògiri: ẹ rántí yàrá tí ògiri rẹ̀ kan ilé ìwẹ̀. Láti ilẹ̀ títí dé orúnkún, ọ̀dà ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, ohun funfun bí iyọ̀ sì ń hu jáde lára rẹ̀. Bí mo bá fọwọ́ kàn án láàárọ̀, ó máa ń tutù. Mo ti kọ́kọ́ rò pé ọ̀dà lásán ni yóò yanjú rẹ̀, àmọ́ akunlé tí mo pè sọ fún mi pé owó ni màá fi ṣòfò. Omi ló ń gòkè láti ìdí ilé, òjò tó ń ṣàn láti orí páànù sì ń ta sí ìdí ògiri náà lóde, ibi tí ìrẹ́ sìmẹ́ńtì ti là. Amọ̀ ni inú ògiri yín, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lójú. Bí omi bá ti ríbi wọ inú amọ̀, ó gbọ́dọ̀ ríbi jáde. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní lo ọ̀dà tó ń dán, èyí tí wọ́n fi ń kun irin àti ilẹ̀kùn: yóò dí omi mọ́ inú ni, ògiri yóò sì tún wú. Ẹmọ́ṣọ̀n lásán la ó lò, àwọ̀ kan náà tó wà níbẹ̀, àwọ̀ wàrà.

Nítorí náà, báyìí ni mo ṣe tò ó. Kí bíríkílà kọ́kọ́ ha ìrẹ́ tó ti kú kúrò lóde, kó tún un rẹ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kọkànlá tí òjò bá ti dáwọ́ dúró. Kí a fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí sìmẹ́ńtì ó gbó, kí ọyẹ́ sì fa ọ̀rinrin inú ògiri gbẹ. Lẹ́yìn náà ni a ó kun inú yàrá nínú Oṣù Kejìlá. Bí a bá kánjú kùn ún nísinsìnyí, a ó tún kùn ún lọ́dún tó ń bọ̀.

Owó ọ̀dà àti ti akunlé jẹ́ tèmi, nítorí èmi ni mo fẹ́ kó lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ìrẹ́ ìta yẹn, Bàbá, ara ilé ni, mi ò sì rò pé ó yẹ kí n dá a gbé. Bíríkílà ní ₦22,000, sìmẹ́ńtì, yanrìn àti iṣẹ́ ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo lè kọ́kọ́ san án, kí a wá yọ ọ́ nínú owó ilé tí màá san ní Oṣù Kínní, bí ẹ bá gbà. Màá gba ìwé owó lọ́wọ́ wọn, Bùrọ̀dá yóò sì wá wo iṣẹ́ náà kí n tó san owó. Bí ẹ bá ní bíríkílà tiyín tí ẹ fọkàn tán, ẹni yẹn náà ni kó ṣe é, mi ò ní jiyàn.

Ti nẹ́ẹ̀tì kò le. Férémù igi tẹ́ẹ́rẹ́ la ó fi sí ojú fèrèsé nítorí ẹ̀fọn, yóò kàn há síbẹ̀ ni, a kò ní kan ìṣó mọ́ ògiri.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ béèrè kí akunlé tó dé. Nígbà tí ó rí ilé ìdáná, ó ní kí òun bá mi kun ibẹ̀ pọ̀, nítorí èéfín ti mú un dúdú. Mo ní kó dúró ná. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ẹnìkan fi èédú fa ìlà sára ògiri, márùn-ún márùn-ún, tí a dábùú ọ̀kan lé mẹ́rin lórí, orí ìlà mẹ́ta. Ìyá tó ń ta ata ní ọ̀kánkán ilé wa sọ fún mi pé Màmá, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ni wọ́n máa ń ka mùdù gààrí tí wọ́n bá ta láwìn síbẹ̀. Láti ọdún tí a ti wọlé, mo máa ń gbálẹ̀ ibẹ̀, mi ò nu ògiri yẹn rí. Bí ẹ bá ní kí a kùn ún, a ó kùn ún. Bí ẹ bá ní kí a fi í sílẹ̀, akunlé yóò kun ibi tó kù, yóò sì yí i ká. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí n ya fọ́tò rẹ̀ kí n fi ránṣẹ́ sí fóònù àwọn ọmọ, ẹ sọ fún mi. Mi ò ní fọwọ́ kàn án láìgbọ́ ohùn yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan bá yín kọ èsì ránṣẹ́, bó ṣe ìlà méjì, kí èmi àti Bùrọ̀dá lè ní i lọ́wọ́. Bí ẹ bá gba ọ̀kan tí ẹ kò gba ìyókù, mo fara mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni ẹ lè gbà, kó jẹ́ ti kọ́kọ́rọ́.

Ẹ kú ìtọ́jú ara, Bàbá. Kí Ọlọ́run mú yín bọ̀ wálé láyọ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Ìyá Tọ́lá, apá ọ̀tún.

Ẹni tó bá ń ka ìwé yìí fún Bàbá, jọ̀ọ́, ka ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ ògiri ilé ìdáná lẹ́ẹ̀mejì.