Ìlà Pupa

Ọjọ́ kan náà la gba ìwé iṣẹ́, èmi àti Bàbá Dúró, lọ́dún 1999, Èkìtì fúnra ẹ̀ ò tíì pé ọdún mẹ́ta tó kúrò lára Oǹdó nígbà yẹn. Ilé-ìwé girama kan ní Adó ni wọ́n kó wa sí, èmi fún ìṣirò, òun fún Yorùbá. Ìyìn làwa méjèèjì ń gbé, torí náà ọ̀kadà ẹ̀ la jọ ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Mo ń ra epo lọ́jọ́ méjì, òun ń ra ti ọjọ́ tó kù, kò sẹ́ni tó ń ṣírò ẹ̀, èmi tí mo jẹ́ tíṣà ìṣirò gan-an ò ṣírò ẹ̀. Ní bíi 2016 tí owó oṣù ń wọ́lẹ̀ bí ìgbín, iṣu oko ẹ̀ là ń gún nílé mi. Ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú wa níbi ìnáwó, á kọ́kọ́ bèèrè èkejì kó tó kí i.

Wọ́n wá ní kí àwọn tó bá fẹ́ ipò Fáìsì Pírínsípà wá gba fọ́ọ̀mù. Ìdí ẹlẹ́mu kan lọ́nà Básírí la jókòó sí lọ́jọ́ yẹn, Bàbá Dúró ní wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ mú, ká má fi ara wa ṣẹ̀sín. Mo ní òótọ́ ni. A mu ẹmu wa tán, a gun ọ̀kadà lọ sílé.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n lẹ bébà mọ́ bọ́ọ̀dù. Orúkọ Bàbá Dúró ló wà níbẹ̀. Mo yọ gíláàsì mi, mo nù ún, mo tún un wò, orúkọ náà ò yí padà. Ìgbà tí mo máa yíjú, òun ló dúró sẹ́yìn mi, ó ní, "Bàbá Ṣeun, jẹ́ n ṣàlàyé fún ọ."

Mo ní, "Ẹ kú oríire, sà."

"Sà" yẹn dùn ún ju kí n bú u lọ. Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyẹn.

Láti ọjọ́ yẹn, mọ́tò ni mò ń wọ̀ lọ sí Adó, ẹ sì mọ bí mọ́tò ṣe ń rí, ó dìgbà tó bá kún kó tó gbéra. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ tíṣà rí á mọ táìmù búùkù. Tí aago mẹ́jọ bá ti lù, Fáìsì á mú báírò pupa, á fa ìlà sábẹ́ orúkọ tó kẹ́yìn, ẹni tó bá kọ orúkọ sísàlẹ̀ ìlà, apẹ́lẹ́yìn nìyẹn. Nínú ọ̀sẹ̀ kejì tó gorí àga, ó fa ìlà yẹn nígbà tí mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo rí ọwọ́ ẹ̀. Ó rí mi, ó dúró díẹ̀, ló bá fà á. Mo kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ ìlà, mo tẹ báírò mọ́lẹ̀ débi pé ó lu bébà.

Oṣù méje gbáko, a ò bára wa sọ̀rọ̀. Tí mo bá fẹ́ bèèrè ṣọ́ọ̀kì, màá rán ọmọ kíláàsì, "Lọ sọ fún Fáìsì pé...", òun náà sì wà níbi tó ti ń gbọ́ mi ketekete. Ìtìjú ni, tí mo bá rò ó báyìí. Àwọn ìyàwó wa ní tiwọn ò da ara wọn láàmú, gààrí ni wọ́n jọ ń tà, wọ́n ní kí àwọn àgbààyà méjì máa bá ìjà wọn lọ.

Táìmùtébù ló kọ́kọ́ tú nǹkan sílẹ̀. Èmi ni mo ti ń ṣe é láti bí ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Fáìsì ló yẹ kó wà, mo sì ti pinnu pé màá jókòó wo ìran. Ìran náà dùn. Lọ́jọ́ Túsìdeè, tíṣà bàólójì àti tíṣà jọ́gíráfì bára wọn nínú kíláàsì SS2 kan náà, kò sẹ́ni tó gbà láti jáde. Kíláàsì míì ò ní tíṣà kankan láti àárọ̀ títí di ìsinmi ránpẹ́. Gbogbo yàrá tíṣà ń rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá mo wo ìta láti ojú fèrèsé, mo rí Bàbá Dúró níwájú bọ́ọ̀dù, ó dá ìka lé Túsìdeè, ó dá ìka kejì lé Wẹ́sìdeè, ètè ẹ̀ ń mì bí ọmọ praímárì tó ń ka ABD. Ẹ̀rín yẹn wá kú sí mi lẹ́nu.

Ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo èèyàn ti lọ, mo mú pẹ́ńsù, mo tún un ṣe lórí bọ́ọ̀dù níbẹ̀. Mi ò kọ orúkọ. Ṣùgbọ́n èmi máa ń fa ìlà kékeré sáàárín 7 mi, kò sẹ́lòmíì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé-ìwé yẹn.

Kò dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì, mo bá rúlà, pẹ́ńsù tuntun àti bébà ńlá mẹ́rin lórí tábìlì mi. Mo ṣe é tán, mo rán ọmọ lọ. Nígbà tí ojúlówó jáde, mo wá orúkọ mi, mo rí i pé wọ́n ti yí nǹkan kan padà nínú iṣẹ́ mi: mi ò ní kíláàsì kankan ní pííríọ̀dù àkọ́kọ́, láti Mọ́ńdè dé Fúráídè. Ó mọ̀ pé mọ́tò ni mò ń wọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan wà tí mi ò tíì sọ. Ọ̀la ọjọ́ tá a mu ẹmu yẹn, èmi náà lọ gba fọ́ọ̀mù. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ìyàwó mi ò mọ̀. Wọ́n pè mí, mo lọ, mo fìdí rẹmi. Ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi tó bẹ́ẹ̀.

Òjò ló mú wa lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tí ilé-ìwé ti túká, abẹ́ páànù kan náà la sá sí, ọ̀kadà ẹ̀ ń rin sóde. Ó pẹ́ ká tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Fọ́ọ̀mù tìẹ ló wà lórí tèmi."

Mo ní, "Níbo?"

"Níwájú àwọn tó ń bi wá léèrè. Mo rí àwọn 7 ẹ nínú nọ́ńbà fóònù."

"O mọ̀ látọjọ́ yẹn?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́, nígbà tí mo ń ṣe bí ẹni tí wọ́n dà?"

Ó nu omi kúrò lójú. "Tí mo bá sọ ọ́, ibo lo fẹ́ gbà?"

Mi ò lè fèsì. Òjò dáwọ́ dúró, ó ta ọ̀kadà, kò dáhùn, ó tún ta á, ó ní kí n wá tì í. Mo tì í. Mo gùn ún.

Nílé, Ìyá Ṣeun kàn wo ṣòkòtò mi tí ẹrẹ̀ ti bò, ó ní, "Ẹ kú ulé o," ló bá padà sídìí gààrí ẹ̀.

Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, táyà jò lọ́nà. Bọ́kanáísà ò tètè jí. Aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú ká tó dé, kò sì sẹ́ni tó fa ìlà, torí Fáìsì ò sí nílé. Ó ṣí táìmù búùkù, ó wo orúkọ tó kẹ́yìn, ó mú báírò pupa, ó fi rúlà fa ìlà rẹ́gí. Ó kọ orúkọ tiẹ̀ sísàlẹ̀ ìlà náà, ó wá na báírò sí mi.