Ètò Bí A Ó Ṣe Fa Kànga Sólà Yemẹtu Lé Àwọn Ará Àdúgbò Lọ́wọ́

Owó ìrànwọ́ yóò parí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2026. Láti ọjọ́ kejì rẹ̀, kọ́bọ̀ kan kò ní jáde láti ọ̀dọ̀ wa fún kànga yìí mọ́.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló ṣáájú. Ẹnu lásán ni ẹbí tó ni ilẹ̀ fi yọ̀ǹda rẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá dìde lọ́la, wọ́n lè ti géètì pa. Kí oṣù kìíní tó parí, mọ́gàjí àti àgbà ẹbí méjì yóò buwọ́ lùwé níwájú lọ́yà. Láìsí ìwé yẹn, a kò ní fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ẹni méje ni ìgbìmọ̀ omi, mẹ́rin nínú wọn obìnrin, torí àwọn ló ń pọnmi, àwọn ló sì máa ń tètè mọ̀ tí ẹ̀rọ bá ń ṣe ségesège. Agbo ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn mẹ́ta tí yóò máa buwọ́ lu owó ní báńkì yóò ti wá. Méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde.

Ibi owó gan-an ló ta kókó. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 jẹ́ ₦20. Lákòókò ẹ̀rùn, à ń ta 250 lóòjọ́, ìyẹn ₦150,000 lóṣù. Atajà omi ń gba ₦40,000 fún iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́, àtúnṣe kéékèèké ₦25,000, fífọ táǹkì àti yíyẹ omi wò ₦15,000. Ó ku ₦70,000. Ṣùgbọ́n tí òjò bá dé, kálukú a gbé ike sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ọjà a já sí ìdajì, a ó sì máa fi ₦5,000 wọ gbèsè lóṣù. Ẹ̀rùn oṣù márùn-ún, òjò oṣù méje: ₦315,000 ni yóò ṣẹ́kù lọ́dún. Iye tí wọ́n dá lé pọ́ǹpù tuntun sì jẹ́ ₦1,380,000. Nítorí náà, a ti bẹ àwọn tó fún wa lówó pé kí wọ́n jẹ́ kí a fi ₦400,000 tó ṣẹ́kù nínú owó ìrànwọ́ ṣe ìpìlẹ̀ àpamọ́ pọ́ǹpù. Èyí yóò dín ìdúró kù sí ọdún mẹ́ta ó lé díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yá nínú rẹ̀, ìbáà ṣe fún ọdún àdúgbò.

(A mọ̀ọ́mọ̀ má fi bátìrì sí i. Ọ̀sán ni oòrùn ń fa omi sí táǹkì. Bátìrì ló máa ń kọ́kọ́ kú.)

Láti oṣù kejì, ìgbìmọ̀ ni yóò máa gba owó omi. Láti oṣù kẹta, àwọn ni yóò máa san owó atajà. Ní oṣù kẹrin, a ó káwọ́ sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan tí a kò ní sọ fún wọn, a ó pa súìṣì kan nínú àpótí iná, ká wo ẹni tí wọn yóò pè àti ibi tí owó yóò ti jáde. Bí omi kò bá yọ láàárín ọjọ́ méjì, ayẹyẹ ọjọ́ 12 oṣù kẹfà yóò sún síwájú, ẹ̀kọ́ ìgbìmọ̀ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀.