Láti ọjọ́ àpérò padà sí òní: ètò iṣẹ́ oṣù mẹ́fà

Ìbàdàn, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, ọdún 2026
Láti ọwọ́ akọ̀wé, sí gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ àpérò

Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá kíláàsì.

Lónìí, ó ku ọ̀sẹ̀ 26 gééré kí àpérò àwa olùkọ́ èdè Yorùbá bẹ̀rẹ̀, Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́bọ̀. Bàbá Alága ní kí n kọ ohun tí a ó ṣe àti ìgbà tí a ó ṣe é. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ bí a ṣe máa ń kọ ọ́: oṣù yìí, oṣù tó ń bọ̀, títí dé òpin. Mo ya á dànù. Bí a ṣe kọ tọdún méjì sẹ́yìn náà nìyẹn. Ẹ rántí pé nígbà tí pósítà wa fi máa jáde, ọjọ́ mọ́kànlá péré ló kù, a sì ti fi orúkọ ẹni tí kò tíì dá wa lóhùn sórí rẹ̀. Kò wá. Gbọ̀ngàn tó gba 300 ènìyàn ni àwa 84 jókòó sí, àga òfìfo ń wò wá. Nítorí náà, lọ́tẹ̀ yìí, orí ọjọ́ àpérò gan-an ni mo dúró sí, mo wá ń ka ọjọ́ bọ̀ wálé.

Ọjọ́ náà ni Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 12 sí Àbámẹ́ta ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà yẹn, ìnáwó oṣù Kejìlá kò sì tíì gba ìlú kan. Ọjọ́ ilé ẹ̀kọ́ méjì péré ni olùkọ́ máa pàdánù. Ìdí kẹta ló wù mí jù: oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti wọ́gi lé ìlànà èdè ọdún 2022, èyí tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́. Ọdún kan gbáko lẹ́yìn rẹ̀ ni a ó jókòó sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún bá wa sún ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìparí. Ní Ọjọ́bọ̀, aago kan ọ̀sán ni a ó ṣí àpérò, kì í ṣe aago mẹ́sàn-án. Àwọn ará Èkó tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ẹ̀búté Mẹ́tta láàárọ̀ máa sọ̀ ní Móníyà lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí méjì àbọ̀, wọ́n á sì ráyè jẹun kí wọ́n tó wọlé. Ọjọ́rú ọjọ́ 11 ni a ó gbé bánà kọ́, tí a ó dán ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti pírójẹ́tọ̀ wò, tí a ó sì tan jẹnẹrétọ̀ fún odindi wákàtí kan. Mo ní odindi wákàtí kan. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n bá tàn fún ìṣẹ́jú márùn-ún kò tíì sọ irú ẹni tó jẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 5 ni Ìyá Olóúnjẹ gbọ́dọ̀ gba iye ènìyàn lọ́wọ́ wa, kí wọ́n lè ra ìrẹsì àti èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà kí òpin ọ̀sẹ̀ tó dé. Bí wọn yóò bá gbà á lọ́jọ́ 5, ìforúkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ parí ní Ọjọ́rú ọjọ́ 4. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, a ó fún un ní àga, a kò ṣèlérí àmàlà. Ìwé ètò máa wọ ilé ìtẹ̀wé ní Ọjọ́ Ẹtì ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé ẹni tó bá fẹ́ yí àkọlé ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lọ́jọ́ 31, orí pèpéle ni yóò ti yí i.

Ní ti ìpolongo, àṣìṣe wa tẹ́lẹ̀ ni pé a máa ń kéde nígbà tí àwa bá ráyè. Ìgbà tí owó bá wà lọ́wọ́ olùkọ́ ló yẹ kí a kéde. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ni owó ìforúkọsílẹ̀. Ẹni tó bá tètè san án, ẹgbẹ̀rún méjìlá. Ọjọ́ Ẹtì ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ni mo fẹ́ kí ti ẹgbẹ̀rún méjìlá parí sí. Ẹ wo ìdí: owó oṣù Kẹsàn-án á ti wọlé, Ọjọ́ Àwọn Olùkọ́ Lágbàáyé sì bọ́ sí Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá. Gbogbo olùkọ́ máa péjọ lọ́jọ́ yẹn, aṣọ ẹgbẹ́ lọ́rùn. Níbẹ̀ ni a ó ti pín ìwé ìléwọ́, nọ́ńbà àkáǹtì wa á sì hàn gbàgàdà lára rẹ̀. Ẹni tó bá gbà á lọ́jọ́ 5 mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́rin ló kù fún òun.

Ìpolówó orí rédíò máa bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ bá ti ń wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́jọ́: àárọ̀ kùtù nígbà tí olùkọ́ ń múra, àti nǹkan bí aago méje alẹ́. Mi ò gbà pé kí a ra ti ọ̀sán, kíláàsì ni wọ́n máa wà. Wasáàpù ló máa ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, kí a sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n rédíò ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ máa gbọ́ tí yóò fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìpàdé ẹ̀yìnkùlé. A nílò kó mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí òun ló máa fọwọ́ sí ìwé àyè olùkọ́. Lẹ́tà wa sí àjọ tó ń rí sí àwọn olùkọ́ girama gbọ́dọ̀ ti dé ibẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án. Kí a gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiwa, ẹ jọ̀ọ́. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, wọn kò rí i nìyẹn.

Pósítà àti fláyà Wasáàpù á jáde ní Ọjọ́ Ajé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ. Ẹni tó ń ya á fún wa gbọ́dọ̀ ti parí ní ọjọ́ 21, torí a máa dá a padà fún un nígbà méjì, ó kéré tán, nítorí àmì ohùn. Pósítà olùkọ́ Yorùbá tí kò ní àmì ohùn, ẹ̀sín ni.

Ibi tí kókó wà nìyí. Pósítà kò lè jáde láìsí orúkọ. Orúkọ kò lè wà láìsí èsì. Èsì kò lè wá láìsí lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni ńlá tí yóò dáhùn lẹ́tà tí kò dárúkọ gbọ̀ngàn. Bí a bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣòfò lórí gbọ̀ngàn nísinsìnyí, pósítà ló máa san gbèsè rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa lọ́jọ́sí gan-an nìyẹn, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ya ọ̀lẹ.

Nítorí náà, Ọjọ́ Ẹtì ọjọ́ 31 oṣù Keje ni òpin èsì àwọn olùbánisọ̀rọ̀: bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, àkọlé, àwòrán, àti bí wọ́n ṣe fẹ́ kí a kọ oyè wọn. Ẹni tó bá ní òun ṣì ń wò ó, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ó sì lọ bá ẹni kejì. Àwọn olùkọ́ tó fẹ́ ka bébà ní títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ láti fi ìsọníṣókí wọn ránṣẹ́.

Olùbánisọ̀rọ̀ mẹ́rin ni mo dábàá. Èkíní ni ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀kọ́ kan láti Fásitì Ilé-Ifẹ̀, tí yóò sọ nípa iṣẹ́ ìwádìí ọdún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, àyàfi Gẹ̀ẹ́sì, fún odindi ọdún mẹ́fà. Èkejì ni mo fẹ́ kí a wá lójú méjèèjì: ọ̀kan lára àwọn ọmọ kíláàsì yẹn. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní 1970 ti lé ní ọgọ́ta báyìí. A ti gbọ́rọ̀ lẹ́nu àwọn tó kọ́ wọn tó. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n kọ́. Bóyá kí Màmá Akápò bá wa bèèrè ní Mọdákẹ́kẹ́, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ náà wà, torí wọ́n ní ẹbí níbẹ̀. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, wíwá ènìyàn kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Ẹnì kẹta, olùkọ́ kan láti Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí èdè Faransé ti gba kíláàsì bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe gba tiwa. Kò ní nílò ògbufọ̀, ṣùgbọ́n yóò nílò owó ọkọ̀ àti yàrá òru mẹ́ta. Ẹnì kẹrin á bá wa sọ̀rọ̀ láti Bàhíà ní Brazil lórí Súùmù. Àwọn fi wákàtí mẹ́rin wà lẹ́yìn wa, nítorí náà a kò lè fi tirẹ̀ sí àárọ̀. Aago mẹ́ta ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì tiwa jẹ́ aago mọ́kànlá àárọ̀ tiwọn.

Lẹ́tà àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á kúrò lọ́wọ́ mi ní Ọjọ́ Ajé ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà. Èmi fúnra mi á gbé ti Ifẹ̀ lọ.

Kí lẹ́tà tó lè lọ lọ́jọ́ 15, a gbọ́dọ̀ ti san àsansílẹ̀ gbọ̀ngàn ní Ọjọ́ Ẹtì ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà. Èyí kò ṣeé sún, torí ọdún 2027 ni ìdìbò gbogboogbò, àwọn olóṣèlú kì í sì í dúnàádúrà bí wọ́n bá fẹ́ gbọ̀ngàn. Mẹ́ta ni mo ti bèèrè: ọ̀kan nínú Fásitì Ìbàdàn, ọ̀kan ní Mọ́kọ́lá, ọ̀kan ní Bódìjà. Ti fásitì ló wù mí, ó sún mọ́ Móníyà, ilé àlejò sì wà nítòsí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni ìyanṣẹ́lódì. Ti ọdún 2022 gba oṣù mẹ́jọ, láti oṣù Kejì dé oṣù Kẹwàá. Ẹ má sì ronú nípa àwọn olùkọ́ fásitì nìkan: bí àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́ bá daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ló ń tan iná, àwọn ló ń ṣí omi. Kí a béèrè kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé a ó gba owó wa padà bí ìyanṣẹ́lódì bá ti gbọ̀ngàn. Bí wọn kò bá gbà, Mọ́kọ́lá yá.

Mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà ni wọ́n pè fún ọjọ́ mẹ́ta, ìdajì ni àsansílẹ̀: ₦600,000. Ohun tó wà nínú àpò ẹgbẹ́ jẹ́ ₦410,000. Owó ìforúkọsílẹ̀ kankan kò ní í wọlé kí pósítà tó jáde, nítorí náà àwa la máa dí àlàfo ₦190,000 náà. Àwa mẹ́sàn-án ni. Bàbá Alága ti ní àwọn á mú ₦30,000 wá. Bí àwa mẹ́jọ yòókù bá mú ₦20,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pé. Àwìn ni, kì í ṣe ọrẹ: a ó dá a padà nínú owó àwọn tó bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Kí ó dé ọwọ́ Màmá Akápò ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọjọ́ 23 oṣù yìí ni a ó lọ wo gbọ̀ngàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí Iléyá máa gba ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹnikẹ́ni kò ní í dá wa lóhùn nígbà yẹn. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹnu ọ̀nà àbáwọlé fásitì. A ó ka àga, a ó wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, a ó bèèrè ẹni tó ń ra dísù. Ẹni tó bá ní okùn ìwọ̀n, kó mú un dání.