Àkọsílẹ̀ Ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Àdúgbò Ìfẹ́lódùn: Sátidé, 28 Oṣù Kẹsàn-án 2024

Abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé Alága la ti ṣe ìpàdé, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá, Ìbàdàn. Aago mẹ́wàá la pè é. Aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú la tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹrẹ̀ ọ̀nà ìsàlẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn ará ibẹ̀ tètè dé. Ènìyàn 52 ló fọwọ́ sínú ìwé. Alhaja onílé ojúlé 9 ló gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀.

Àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá. Akọ̀wé kà á. Ìyá Ìbejì ní àṣìṣe wà níbẹ̀: wọ́n kọ ọ́ pé ₦2,000 lòun san fún owó ọlọ́dẹ, ₦4,000 sì lòun san. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ rìsíìtì tó ti ká wẹ́wẹ́ jáde níbẹ̀. Òótọ́ ni, ₦4,000 ló wà lórí rẹ̀. A ṣàtúnṣe, Akọ̀wé sì tọrọ gáfárà. Bàbá ojúlé 31 dá a lábàá pé kí a gba àkọsílẹ̀ náà wọlé, Bọ̀ọ̀dá Káfíńtà kín in lẹ́yìn.

Owó ìdá tíráńsífọ́mà. Alága ṣàlàyé pé láti 6 Oṣù Kẹjọ tí tíráńsífọ́mà ti jóná, a ti kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná lẹ́ẹ̀mejì, ní ọjọ́ 12 Oṣù Kẹjọ àti ọjọ́ 3 Oṣù Kẹsàn-án. Èsì tí a rí gbà ni bíìlì oṣù kẹjọ. (Ìpàdé rẹ́rìn-ín níbí, ẹ̀rín tí kò dénú.) Ìgbìmọ̀ tí a yàn ti mú ẹlẹ́ńjìnníà wá wò ó. Wáyà inú rẹ̀ ni wọn yóò tún wé, iye gbogbo iṣẹ́ sì jẹ́ ₦2,745,000: wáyà àti owó iṣẹ́ ₦1,900,000, epo tíráńsífọ́mà ₦480,000, kébù àti àpótí fíúsì ₦240,000, owó ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ tí yóò sì gbé e bọ̀ ₦125,000. Ilé 61 ni ènìyàn ń gbé ní àdúgbò wa, nítorí náà ìgbìmọ̀ dábàá ₦45,000 fún ilé kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ wọlé kí oṣù kọkànlá tó parí.

Kò tíì jókòó tán tí Bàbá Onílé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ojúlé 22, fi dìde. Ó ní ẹni tó ní ilé oníyàrá méjì kan ṣoṣo àti òun tí ìdílé mẹ́jọ ń gbé ilé òun, ṣé iná kan náà ni wọ́n ń jẹ? Ẹnu ya gbogbo wa, nítorí ibi tí a rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ kọ́ ló lọ. Ó ní kí wọ́n gba ₦45,000 lọ́wọ́ òun, ó parí, kí wọ́n má ka mítà kankan.

Ìyá Ìbejì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní kí a ka mítà. Mítà 183 ló wà ládùúgbò, òun sì ti ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìléwọ́ kan tó gbé dání: ₦15,000 fún mítà kọ̀ọ̀kan, ó pé ₦2,745,000 géérégé. Òun ní mítà kan. Bàbá Onílé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní mẹ́jọ. «Ẹni tó jẹ iṣu púpọ̀ ni kó fọ àwo púpọ̀,» ó sọ bẹ́ẹ̀ ó sì jókòó.

Bàbá Onílé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fèsì pé mítà kì í ṣe tòun, ti àwọn ayálégbé ni. Èyí ló da ìpàdé rú. Àwọn ayálégbé tó wà níjòkòó (mo ka mọ́kànlá) pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Bọ̀ọ̀dá Lọ́yà tó ń gbé ojúlé 17 bẹ Alága pé kí wọ́n fún òun láàyè. Ó ní ayálégbé kò ní kó ohun tó rà lọ nígbà tó bá ń kó lọ, onílé ni tíráńsífọ́mà ń bù kún iye ilé rẹ̀. Ó tún ní òfin wà láti 2015 láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń darí ọ̀rọ̀ iná, NERC, pé àdúgbò tó bá fi owó ara rẹ̀ ra irinṣẹ́ iná gbọ́dọ̀ bá ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná fọwọ́ sí àdéhùn, kí wọ́n sì máa dá owó náà padà fún un. Kò tọ́ kí a ná kọ́bọ̀ kan kí ìwé àdéhùn tó wà.

Sàjẹ́ǹtì tó ti fẹ̀yìn tì, ojúlé 40, ní «Pọ́ìntì ọfù ọ́dà!» Alága bi í pé kí ni pọ́ìntì náà. Ó ní pọ́ìntì náà ni pé ẹran òun ti bàjẹ́ nínú fírísà lẹ́ẹ̀mẹta, òfin kò sì lè mú un tutù. Alága ní kì í ṣe pọ́ìntì ọfù ọ́dà nìyẹn, ṣùgbọ́n kó jókòó, a ti gbọ́.

Bọ̀ọ̀dá ojúlé 5, tó gbé sólà sórí òrùlé ní ọdún tó kọjá, ní òun kò ní san. Òun kò lo iná wọn mọ́. Alhaja bi í pé, «Ṣé ìwọ kọ́ lo ń fa ẹ̀rọ omi lálẹ́ kí tíráńsífọ́mà tó jóná?» Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ omi nìkan ni. Àwọn kan ní kó san ìdajì, àwọn kan ní kí wọ́n gé wáyà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgékúrò yìí ni ó mú un bínú jù, ó sì ní bí a bá dá ilé òun mọ̀ lọ́tọ̀, kí a yọ orúkọ òun kúrò nínú owó ọlọ́dẹ pẹ̀lú.

Pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ojú títì ní ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀ ni àwọn ń tan iná. Bàbá ojúlé 31 ní ṣé ẹ̀rọ agbóhùnsókè náà ń fi iná ṣeré ní ọjọ́ méjì ọ̀hún ni? Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn lórí ariwo, Alága dá wọn lẹ́kun.

Owó kọ́fátì ọdún 2023. Èyí kò sí nínú ohun tí a fẹ́ jíròrò, ṣùgbọ́n òun ló gba àkókò jù lọ, mo sì rò pé òun gan-an ló wà nídìí gbogbo ariwo òkè yìí. Bọ̀ọ̀dá Káfíńtà ló gbé e kalẹ̀. Ó ní kì í ṣe pé ₦45,000 le púpọ̀, bó tilẹ̀ le. Ohun tó ń dun àwọn ará ìsàlẹ̀ ni pé ilé 57 san ₦10,000 fún kọ́fátì lọ́dún tó kọjá, ₦570,000 nìyẹn, a kò sì gbọ́ ìròyìn owó náà títí di òní.

Màmá Akápò dìde. Ó mú ìwé jọ́tà tí omi ti wọ̀, tí ojú ewé rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, ó ń fi àtàǹpàkò ya wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ó kà á síta: sìmẹ́ǹtì, irin, owó bíríkìlà, páńkì, iyanrìn. Àpapọ̀ tó ní rìsíìtì jẹ́ ₦512,500. Wọ́n bi í pé ₦57,500 tó kù ńkọ́? Ó ní títípà méjì iyanrìn ló gbé mì, dẹ́rébà títípà kì í kọ rìsíìtì fúnni, ẹni tó bá ń ṣiyèméjì kó lọ bá a ní gáréèjì. Ẹnì kan ní ẹ̀yìn pariwo pé títípà iyanrìn kan ni òun rí. Màmá Akápò ní ẹ̀ẹ̀kejì dé lálẹ́. Ojú rẹ̀ ti pọ́n ní àkókò yìí, ó sì ní kí a wá ẹlòmíràn tí yóò máa pa owó mọ́.

Alága bẹ̀ ẹ́. Bàbá Àgbà ojúlé 2, tó ti ń gbé Ìbàdàn kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wa, ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ lórí ìjókòó, nítorí orúnkún. Ó ní òun rí Omíyalé, ní 31 Oṣù Kẹjọ 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún. Òun sì tún rí ti 26 Oṣù Kẹjọ 2011. Ó ní kọ́fátì yẹn ni kò jẹ́ kí omi wọ ilé òun lọ́dún yìí, kí a má sì fi ìjà owó iyanrìn ba iṣẹ́ tó dára jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní Màmá Akápò pẹ̀lú gbọ́dọ̀ fi ìwé náà sílẹ̀ kí ojú mẹ́ta mìíràn wò ó. «Bí ọwọ́ ẹni bá mọ́, ìṣirò kì í bani lẹ́rù.» Màmá Akápò gbà, ó sì fi jọ́tà náà lé Alága lọ́wọ́ lójú gbogbo wa.

A yan Bọ̀ọ̀dá Káfíńtà, Alhaja àti Bọ̀ọ̀dá Lọ́yà láti yẹ ìwé wò, kí wọ́n rí dẹ́rébà títípà náà, kí wọ́n sì jábọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Ìpadàsí owó tíráńsífọ́mà. Ìyá Ìbejì àti Bàbá Onílé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ṣì ń jiyàn, èkíní ní mítà, èkejì ní ilé. Sàjẹ́ǹtì ló wá pa méjèèjì pọ̀, èyí tí mi ò retí lẹ́nu rẹ̀: ₦25,000 fún ilé kọ̀ọ̀kan láti ọwọ́ onílé, ₦5,000 fún mítà kọ̀ọ̀kan láti ọwọ́ ẹni tó ń lò ó. Akọ̀wé ṣírò rẹ̀ níbẹ̀: ti ilé ₦1,525,000, ti mítà ₦915,000. Alága fi kún un pé ilé méje tí a kò tíì kọ́ tán kí wọ́n san ₦10,000, ìyẹn ₦70,000. Ó ku ₦235,000. Akápò ní ₦311,400 wà lápò ẹgbẹ́, a óò yọ ọ́ níbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ojúlé 5 ní òun yóò san ti ilé nítorí pé òun kò fẹ́ ìgékúrò, ṣùgbọ́n ti mítà, òun kò ní san. Ìpàdé gbà pé kí ìgbìmọ̀ lọ bá a sọ̀rọ̀ nílé. Bí kò bá san, àpò ẹgbẹ́ ni yóò di í.

Bàbá ojúlé 31 ní ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó ₦70,000 tí wọ́n ní kí wọ́n máa san láti oṣù keje, báwo ni yóò ṣe san ₦5,000 lẹ́ẹ̀kan? A gbà pé ayálégbé lè pín in sí ìgbà méjì.

A nawọ́. Àwọn márùn-ún ti lọ. Ènìyàn 47 ló kù: 29 faramọ́ ọn, 14 kọ̀, 4 kò nawọ́. Bàbá Onílé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà nínú àwọn tó kọ̀. Ó ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì ti kọ ọ́.

Bọ̀ọ̀dá Lọ́yà yóò kọ ìwé àdéhùn tí a óò mú lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná. Kò sẹ́ni tí yóò san owó fún ẹlẹ́ńjìnníà kí a tó gba èsì wọn, àfi tí ọjọ́ 14 bá kọjá láìsí èsì. Sàjẹ́ǹtì ní kí a kọ ọ́ pé òun kò fara mọ́ ọjọ́ 14 náà.

Owó ọlọ́dẹ. ₦2,000 lóṣù ni yóò ṣì máa jẹ́. Ilé mẹ́sàn-án ń jẹ gbèsè. Alága kò ka orúkọ wọn síta.

Ìpàdé tó ń bọ̀ yóò wáyé ní Sátidé, 26 Oṣù Kẹwàá 2024, aago mẹ́wàá. Pásítọ̀ gbàdúrà ìparí ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì kúrú.

Alága fọwọ́ sí i.
Akọ̀wé fọwọ́ sí i.